Àìrìnpọ̀ Ejò: Ìdí Tí Kántà Alátagbà Fi Ń Ṣìnà Nígbà Tí Eré Bá Pọ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ṣe, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó, ẹ má bínú, ẹ kú ìdúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa kántà. Kì í ṣe kántà tí ọlọ́jà ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ o, kántà inú áísì ni, èyí tó ń ka ìlù kílọ́ọ̀kì.

Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ọ̀gá kan tó ń wé kọ́ìlì tíráńsífọ́mà ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ka iye ìgbà tí wáyà yí po, kí ó sì dá dúró fúnra rẹ̀ tó bá pé 800. Ó rọrùn lójú mi. Mo fi áísì 74LS93 kan ka ìyípo lẹ́kọ̀ọ̀kan. Láti 0 dé 15 ni áísì yẹn ń kà, tó bá di ìlù kẹrìndínlógún, ó padà sí 0. Mo wá fi géètì ṣọ́ ẹnu rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbàkígbà tí gbogbo wọn bá di 0 pa pọ̀, kí géètì náà lu kántà kejì lẹ́ẹ̀kan, kí ìyẹn mọ̀ pé ìdì mẹ́rìndínlógún kan ti pé. Tí ẹ bá pín 800 sí ìdì mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún, àádọ́ta ìdì ni. Tí kántà kejì bá ti ka 50, kí mọ́tò dúró. Ìṣirò náà tọ̀nà, àbí kò tọ̀nà?

(Àwọn èèyàn dáhùn pé ó tọ̀nà.)

Ó tọ̀nà. Ọ̀gá wé kọ́ìlì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀, inú mi dùn. Ọ̀gá gbé kọ́ìlì náà sọ́wọ́, ó gbé e wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, wáyà yìí fúyẹ́ jù.” A jókòó, a tú u, a ń kà á sókè. Ó di 196, wáyà tán. A wé òmíràn, a tún un tú. 196 náà ni.

Mo fura sí ojú tó ń ṣọ́ ìyípo, mo pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà. Mo pààrọ̀ áísì, kò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: tí ẹ̀rọ bá ń ṣe àṣìṣe lóríṣiríṣi, a lè ní wáyà kan ló tú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá ń ṣe àṣìṣe kan náà ní gbogbo ìgbà, ìlànà kan wà tó ń tẹ̀ lé. Ẹ bá mi di 196 yẹn mú. A máa padà sí i.

Ta ló ń gbọ́ ìlù, ta ló ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn?

Inú kántà, fílípù-fílọ́ọ̀pù ló wà níbẹ̀. Orúkọ yẹn gùn, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní yàrá. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń rántí ohun kan ṣoṣo, yálà 0 tàbí 1. Tí a bá lù ú, ó yí padà: 0 di 1, 1 di 0. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú 74LS93.

Oríṣi kántà méjì ni mo bá wá. Àwọn olùkọ́ ń pe ọ̀kan ní rípù kántà, wọ́n ń pe èkejì ní sinkirónọ́ọ̀sì kántà. Èmi á máa pe ti àkọ́kọ́ ní alátagbà, èkejì ní ajùmọ̀ṣe.

Nínú kántà alátagbà, yàrá àkọ́kọ́ nìkan ni ìlù kílọ́ọ̀kì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàrá kejì kò gbọ́ ìlù rárá. Ẹnu yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí yàrá àkọ́kọ́ bá já bọ́ láti 1 sí 0, ìjábọ́ yẹn ni ó lu yàrá kejì. Nígbà tí ìyẹn náà bá já bọ́, yóò lu ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta yóò lu ẹ̀kẹrin. Ẹ̀yin tó ti lo 93 rí mọ̀ ọ́n dunjú, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi wáyà so ẹsẹ̀ 12 mọ́ ẹsẹ̀ 1. Wáyà kékeré yẹn ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá àkọ́kọ́ lọ bá ìkejì.

Ẹ fojú inú wò ó bí àwọn oníjó mẹ́rin tó tò lẹ́yìn ara wọn. Ẹni iwájú nìkan ló ń gbọ́ ìyáàlù. Ẹni kejì ń wo ẹsẹ̀ ẹni iwájú, ẹni kẹta ń wo ẹsẹ̀ ẹni kejì, ẹni kẹrin ń wo ẹsẹ̀ ẹni kẹta. Gbogbo wọn ló mọ ijó náà. Kò sí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ṣé ẹsẹ̀ wọn lè balẹ̀ pa pọ̀? Kò lè balẹ̀ pa pọ̀ láé.

Kò sí yàrá tó ń yí padà lójú ẹsẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba àkókò díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù la fi ń wọn àkókò yẹn, ìyẹn ni pé ká pín sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ká mú ẹyọ kan níbẹ̀. Díẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú kántà alátagbà, díẹ̀ yẹn ń gun orí ara wọn.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ láti 7 sí 8. Lójú tiwa, ìgbésẹ̀ kan ni. Ní inú áísì, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni:

```
0111  (7)
0110  (6)
0100  (4)
0000  (0)
1000  (8)
```

Yàrá àkọ́kọ́, èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, já bọ́: kántà ń sọ pé 6. Ìkejì já bọ́: ó ní 4. Ẹ̀kẹta já bọ́: ó ní 0. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kẹrin tó dìde: 8. Ta ló ka 6 lẹ́yìn 7 rí? Ta ló ti ibẹ̀ bọ́ sí 0? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ibi tí 196 ti wá

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gá oníkọ́ìlì. Géètì mi ń ṣọ́ 0. Nígbà wo ni 0 ń fojú hàn?

A ti rí i pé ó ń yọjú láàárín 7 àti 8. Ẹ wo 1 sí 2: 0001 yóò kọ́kọ́ di 0000 kí ó tó di 0010. 0 tún yọjú níbẹ̀. Ẹ wo 3 sí 4: 0011 di 0010, ó di 0000, kí ó tó di 0100. Ó tún yọjú. Ibi tó kù ni ibi tó tọ́, láti 15 padà sí 0. Mo ti gbé gbogbo yòókù wò lórí ìwé, kò sí ibòmíràn. Nítorí náà, nínú ìyípo mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni géètì mi rí 0: ní ìyípo kejì, ìkẹrin, ìkẹjọ àti ìkẹrìndínlógún. Ẹyọ kan jẹ́ òótọ́, mẹ́ta jẹ́ irọ́. Géètì kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Gbogbo rẹ̀ ló fi lu kántà kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Tí ìdì kan bá ń di mẹ́rin lójú kántà kejì, ìdì méjìlá yóò di 48. Ìdì méjìlá jẹ́ ìyípo 192. Ó ku méjì kí ó pé 50. Irọ́ àkọ́kọ́ nínú ìdì tó tẹ̀ lé e wá ní ìyípo 194, èkejì wá ní 196. Mọ́tò dúró. 196 yín rè é! Kò sí wáyà tó tú, kò sí áísì tó bàjẹ́.

Ẹ rántí pé ọwọ́ èèyàn lè ka bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń yí. Kì í ṣe eré ni ó dá ẹ̀gún yẹn sílẹ̀. Ẹ̀gún ni mo ń pe irọ́ kékeré yẹn, torí pé bí ẹ̀gún ló ṣe máa ń rí lójú ọsilosikóòpù: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún sókè tàbí sílẹ̀, tó sì pòórá. Ìlù ì báà yá, ì báà falẹ̀, ẹ̀gún náà wà níbẹ̀, bó sì ṣe fẹ̀ tó kò yí padà. Ohun tí eré ń ṣe ni pé ó ń gba àkókò òótọ́ mọ́ kántà lọ́wọ́, títí tí àkókò irọ́ nìkan fi kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí ìlù bá yá ju ẹsẹ̀ lọ

Ẹ mú détáṣíìtì 74LS93 jáde. Ẹ ó rí i pé ó lè gba ìlù 32 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, ìyẹn ìlù mílíọ̀nù méjìlélọ́gbọ̀n ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ rí nọ́ńbà yẹn, ó gbàgbọ́ pé kántà náà ṣeé kà ní 32 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì. Yàrá àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ o. Ẹ yí ojú ìwé sí ibi tí wọ́n kọ ìdádúró sí. Láti ìgbà tí ìlù bá wọlé títí tí yàrá kẹrin yóò fi dáhùn, ó lè tó 70 nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Ní 32 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, ìlù kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi 31 nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Kí yàrá kẹrin tó gbọ́ ti ìlù kan, ìlù méjì mìíràn ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dín eré kù sí 20 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, kí ìlù kan sí èkejì jẹ́ 50 nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Ká pín 70 yẹn dọ́gba sí yàrá mẹ́rin, kí ìkọ̀ọ̀kan gba 17 àti ààbọ̀. Kántà wà lórí 7, ìlù wọlé ní àkókò òdo.

Ní 17 àti ààbọ̀, kántà sọ pé 6. Ní 35, ó sọ pé 4. Ní 50, ìlù tuntun wọlé, ti àkọ́kọ́ kò sì tíì parí ìrìn rẹ̀. Ní 52 àti ààbọ̀, ẹ̀kẹta já bọ́, kántà sọ pé 0. Ní 67 àti ààbọ̀, yàrá àkọ́kọ́ dá ìlù tuntun lóhùn, ó dìde, kántà sọ pé 1. Ní 70, yàrá kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìlù àtijọ́ lóhùn, ó dìde, kántà sọ pé 9.

7, 6, 4, 0, 1, 9. Ẹ̀yin èèyàn mi, níbo ni 8 wà?

(Ẹnì kan láti ẹ̀yìn: “Kò sí níbẹ̀!”)

Kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀, kò yára kọjá níbẹ̀, kò dé ibẹ̀ rárá. Tí ẹ bá ra áísì tó dára jùlọ lágbàáyé tó lè ya àwòrán ẹnu mẹ́rin yẹn ní ìṣẹ́jú tó wù yín, ẹ kò lè rí 8, torí pé kò wáyé. Lóòótọ́, 70 yẹn ni ìdádúró tó burú jùlọ tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí. Èyí tí ẹ rà lè gba 46 péré, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì yín lónìí, kí ó sì kọ̀ nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àṣìṣe yìí ṣòroó mú.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Ṣé kántà yẹn ti sọ ìkankan nù nínú ìlù? Rárá o. Ẹ dá ìlù dúró nísinsìnyí, ẹ ní sùúrù fún 70 nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù, ẹ wá kà á. Iye tó tọ́ ni ẹ ó bá. Kántà alátagbà kì í gbàgbé. Ẹni tó ń kà á lẹ́nu ìrìn ló ń rí irọ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Iná ẹ́líìdì kò lè fi hàn yín, ojú èèyàn kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń wo wáyà mẹ́jọ pa pọ̀, tí ọ̀pọ̀ yín ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Tí ó bá ń wò ní ẹ̀ẹ̀mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù, nǹkan bíi nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù méjìlélógójì ló wà láàárín ìwò kan sí èkejì. Ẹ̀gún tó fẹ̀ tó 17 yóò gba àárín kọjá, ẹ ó sì búra pé kò sí nǹkan kan. Ọsilosikóòpù gidi ni kí ẹ gbé lé ẹnu géètì. Kí ẹ jẹ́ kí ìjábọ́ yàrá kẹta jẹ́ ohun tí yóò mú un bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gún 7 sí 8 ń gbé.

Kí gbogbo wọn gbọ́ ìyáàlù

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn oníjó mẹ́rin yẹn padà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ń gbọ́ ìlù fúnra wọn. Wáyà kílọ́ọ̀kì kan náà dé ọ̀dọ̀ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá ń gbọ́ gbogbo ìlù, báwo ni ẹ̀kẹrin yóò ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró jẹ́ẹ́?

Géètì ló ń sọ fún un. Òfin ìkà rọrùn: yàrá kan máa yí padà nígbà tí gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ 1. Géètì ń wo wọn, ó ń sọ fún yàrá náà ṣáájú pé, “Múra o, ìlù tó ń bọ̀ kàn ọ́,” tàbí, “Dúró, kò kàn ọ́.” Kántà wà lórí 7, 0111, mẹ́ta iwájú jẹ́ 1. Kí ìlù tó dún, ẹ̀kẹrin ti mọ̀. Ìlù dún, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí padà pa pọ̀, 7 di 8. Àkókò àgbéyẹ̀wò ti lọ sáàárín ìlù méjì, níbi tí kò ti pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ mú 74LS163, kí ẹ fi wé 93. Ìlù 25 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì ni iléeṣẹ́ fọwọ́ sí fún un. Ẹ gbọ́ o, nọ́ńbà yẹn kéré sí 32 ti alátagbà! Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà iwájú ìwé ra áísì yóò gbé 93. Ṣùgbọ́n ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 163 kì í ju nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù 27 lọ kí wọ́n tó dúró. Ní 25 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì, ìlù kan sí èkejì jẹ́ 40. Nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù mẹ́tàlá ṣì kù tí nọ́ńbà òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. 25 rẹ̀ ṣeé kà. 32 ti èkejì kò ṣeé kà.

Kò wá túmọ̀ sí pé ajùmọ̀ṣe mọ́ tónítóní. Yàrá mẹ́rin kì í ṣe ìbejì ara wọn. Ọ̀kan lè fi nanosẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan tàbí méjì ṣáájú èkejì, ẹ̀gún tín-ín-rín lè tún yọ lẹ́nu géètì tó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu géètì lu kántà mìíràn láé. Ẹ jẹ́ kí géètì sọ tirẹ̀, kí ìlù kílọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ sì gbà á. Tí ẹ bá so áísì 163 púpọ̀ pọ̀, ìròyìn “múra” náà gbọ́dọ̀ rìn láti áísì kan dé èkejì kí ìlù tó dún, eré yín yóò sì dín kù.

Bí mo ṣe tún ẹ̀rọ ọ̀gá ṣe nìyẹn. Mo yọ 93, mo fi 163 mẹ́ta rọ́pò. Ìlù ìyípo wáyà dé ọ̀dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ 15 ti àkọ́kọ́, tó ń sọ pé “mo ti dé 15”, mi ò fi lu ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ 10 ti èkejì ni mo so ó mọ́, ibi tí ó ti ń gba àṣẹ láti kà. Ní ìyípo kẹrìndínlógún, àkọ́kọ́ padà sí 0, èkejì gùn sí 1, ní ìlù kan náà. A wé kọ́ìlì, a tú u, a kà á. 800.

Ibi tí alátagbà ti ń jẹ́ ọ̀gá

Kí ẹ má lọ da gbogbo 93 yín nù o. Ní 1932, ní Cambridge, onímọ̀ físíìsì ọmọ Wales kan, Eryl Wynn-Williams, fẹ́ ka àwọn ohun tín-ín-tín tó ń ta jáde láti ara èròjà tó ń tú ìtànṣán. Kántà onírin tó wà nígbà náà kò yá tó láti bá wọn. Ó fi ẹ̀rọ iná ṣe yàrá tó ń pín iye sí méjì, ó sì to wọn tẹ̀ lé ara wọn. Bí iye náà ṣe ń gba yàrá kọ̀ọ̀kan kọjá, ó ń dín sí ìdajì, títí tí kántà onírin fi lè bá a. Ìwà alátagbà gan-an nìyẹn: yàrá àkọ́kọ́ nìkan ló nílò láti yára.

Aago ọwọ́ yín náà ńkọ́? Kírísítà inú rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan. Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ tún ìdajì rẹ̀ pín, ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún: ìlù kan ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan ló kù. Ẹnu ìkẹyìn nìkan la nílò. Kò sí ẹni tó ń ka àwọn yàrá yòókù pa pọ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí irọ́ àárín lè tàn jẹ. Iná tí alátagbà ń jẹ sì kéré, torí pé àwọn yàrá ẹ̀yìn ń sinmi lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí kílọ́ọ̀kì kò jẹ́ kí ìkankan sinmi nínú ajùmọ̀ṣe. Bátìrì aago á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ó tó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ tábìlì. Mo ti so 93 kan síbí, ọsilosikóòpù wà lẹ́nu géètì tó ń ṣọ́ 0, mo sì ti dín ìlù kù sí ẹgbẹ̀rún kan ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Ẹ wo ìlà yìí, ó tẹ́jú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àbí? Ẹ jẹ́ kí n fẹ àwòrán rẹ̀ lójú níbi 7 sí 8. Ẹ ṣì máa wò ó. Òun nìyẹn.